Igi B nínú ìwé IMEI: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan ní Wúsè

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Alàájì tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń ta fóònù lọ́pọ̀ ní Wúsè 2, ní Àbújá, ó sì ń fi ọjà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin tí òwò gbé dé Òkè Ọya. Gbogbo fóònù tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá ni wọ́n ń kọ IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rà á, ọjọ́ tó rà á àti iye tó san. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù padà wá pé ó bàjẹ́ kí wàráńtì tó parí, ọmọ tó wà ní káńtà á tẹ `*#06#`, nọ́ńbà 15 á jáde, á sì wá a nínú kọ̀ǹpútà bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni fóònù náà ti jáde lóòótọ́. Àkọsílẹ̀ tó wà nínú fáìlì náà ti tó mílíọ̀nù kan.

Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wíwá nọ́ńbà kan ṣoṣo ń pẹ́, ó sì máa ń burú jù láàárọ̀ àti lẹ́yìn tí iná bá lọ tó tún dé. Alàájì bi mí pé, "Ínjíníà, ṣé ẹ̀rọ yìí ló ti darúgbó ni àbí ìwé inú rẹ̀ ló pọ̀ jù?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo inú fáìlì náà kí n tó dáhùn.

Ẹni tó kọ ètò náà níbẹ̀rẹ̀ lo igi ẹlẹ́ka méjì. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba báìtì 512 nínú fáìlì. Nínú báìtì 512 yìí, 8 jẹ́ ti IMEI, 4 ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ tó wà lápá òsì, 4 ń tọ́ka sí èyí tó wà lápá ọ̀tún, ìyókù jẹ́ ti orúkọ, owó àti ọjọ́. Bí nọ́ńbà tí a ń wá bá kéré sí èyí tó wà níwájú wa, a ó yà sí òsì. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, a ó yà sí ọ̀tún, títí a ó fi kàn án. Nínú mẹ́mórì, igi bẹ́ẹ̀ dára. Orí dísìkì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Ibi tí àkókò ń bọ́ sí

Dísìkì inú ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tó ń yí, ìyí 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn já sí ìyí 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìyí kan gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 11. Kí orí tó ń kàwé tó lè ka ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ sún dé orí ìlà tí nǹkan náà wà, èyí tó máa ń gbà tó mìlísẹ́kọ́ǹdù 12 lórí dísìkì láptọ́ọ̀pù bí irú èyí. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró kí ibi tó fẹ́ kà yí dé abẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdajì ìyí ní àròpín, bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 5.6. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 17. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kíkà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí dísìkì bá ń ka mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 4,096 kò gbà ju ìdá 4 nínú 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí nọ́ńbà méjì yìí díẹ̀, nítorí orí wọn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Dídé ibẹ̀ gba mìlísẹ́kọ́ǹdù 17. Kíkà á gba 0.04. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Nyanya dé ọjà Wúsè nínú gòsúlò òwúrọ̀ kì í ra ẹyọ ata kan padà sílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò àtijọ́ yìí ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ó bá dé orí dísìkì, ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á gbé báìtì 4,096, ìyẹn ojú ewé kan, wá fún un, nítorí pé kò ń kà kéré sí bẹ́ẹ̀. Ètò náà á wo báìtì 16 nínú rẹ̀, ìyẹn IMEI kan àti ìtọ́ka méjì, á pa ìyókù tì, á sì tún sọ fún dísìkì pé kó lọ síbòmíràn.

Bí igi ẹlẹ́ka méjì bá dọ́gba dáadáa, mílíọ̀nù kan àkọsílẹ̀ yóò ga ní ìpele 20, nítorí pé 2 tí a bá sọ di púpọ̀ lọ́nà 20 ló ń lé ní mílíọ̀nù kan. Ìrìn àjò 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mìlísẹ́kọ́ǹdù 17 jẹ́ 340, ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ṣì ṣe é fara dà. Àmọ́ igi yìí kò dọ́gba rárá, IMEI fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Nọ́ńbà 8 àkọ́kọ́ nínú IMEI ń sọ irú fóònù tó jẹ́, 6 tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ẹyọ fóònù náà, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti àyẹ̀wò. Fóònù inú páálí kan sì sábà máa ń tẹ̀ léra. Bí wọ́n bá tú páálí tí wọ́n sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní títẹ̀léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pọ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ apá ọ̀tún èyí tó ṣáájú. Ẹ̀ka igi náà ń di okùn gígùn kan tí kò yà síbì kankan. Nọ́ńbà tó bá wà ní ìsàlẹ̀ irú okùn bẹ́ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkọsílẹ̀ ni ètò náà á kà kó tó débẹ̀.

Bí àwọn ojú ewé tí wọ́n ti kà bá ti wà nínú mẹ́mórì, ìyà yìí dínkù, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi ń yára díẹ̀ bí ọjọ́ bá ń lọ. Ṣùgbọ́n fáìlì náà tó mẹ́gábáìtì 512, mẹ́mórì ẹ̀rọ náà jẹ́ gígábáìtì 2 tí ètò mìíràn ń bá a pín, iná tó bá sì lọ ń nù gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo dá Alàájì lóhùn pé ìwé náà kò pọ̀ jù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni kò bá dísìkì mu.

Ojú ewé kan, ọ̀nà 340

Ọdún 1970 ni Rudolf Bayer àti Edward McCreight, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Boeing, kọ́kọ́ gbé igi B jáde, dísìkì tó ń yí sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí oríta kọ̀ọ̀kan inú igi mọ sórí nọ́ńbà kan àti ọ̀nà méjì. Wọ́n jẹ́ kó gba ohun tí ojú ewé kan lórí dísìkì lè gbà. Níwọ̀n ìgbà tí báìtì 4,096 ń bọ̀ wá bákan náà, kí gbogbo rẹ̀ wúlò.

Mo pín ojú ewé sí irú méjì: ẹ̀ka, tó ń tọ́ka sí ojú ewé ìsàlẹ̀, àti ewé, tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Báìtì 16 àkọ́kọ́ nínú méjèèjì jẹ́ ti orí: irú ojú ewé, iye nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, ojú ewé tó kàn, àti nọ́ńbà àyẹ̀wò tí mo máa sọ ìwúlò rẹ̀ níwájú. Ó ku 4,080. Nínú ojú ewé ẹ̀ka, IMEI gba báìtì 8, ìtọ́ka sí ojú ewé ìsàlẹ̀ gba 4. IMEI 339 àti ìtọ́ka 340 gba 4,072, wọ́n sì wọ inú rẹ̀. Nínú ojú ewé tó jẹ́ ewé, IMEI gba 8, ibi tí àkọsílẹ̀ wà nínú fáìlì títà gba 8. 255 ló gbà, kò sì ku báìtì kan.

Igi yìí kò ní àkọsílẹ̀ orúkọ tàbí owó nínú rárá. Àwọn yẹn wà nínú `tita.dat` bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, báìtì 512 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ètò tó ń tẹ rìsíìtì ń ṣí fáìlì náà fúnra rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú SQLite, ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ kan tí ó ní igi B tirẹ̀ tó dáa ju èyí tí mo kọ lọ. Igi náà nìkan ló wà nínú `imei.idx`. Bí a bá kó orúkọ àti owó sínú ojú ewé ẹ̀ka, ọ̀nà 340 á di bíi 8, gíga tí a ń sá fún á sì padà dé.

```python
import os, struct
from bisect import bisect_left, bisect_right

EWE, PAGE = 1, 4096

def wa(fd, imei, n):
    while True:
        p = os.pread(fd, PAGE, n * PAGE)
        iru, iye = struct.unpack_from('<HH', p, 0)
        k = struct.unpack_from('<%dQ' % iye, p, 16)
        if iru == EWE:
            i = bisect_left(k, imei)
            if i < iye and k[i] == imei:
                return struct.unpack_from('<Q', p, 2056 + 8*i)[0]
            return None
        i = bisect_right(k, imei)
        n = struct.unpack_from('<I', p, 2728 + 4*i)[0]
```

`pread` kọ̀ọ̀kan, tó ń ka ojú ewé kan láti orí dísìkì, jẹ́ ìrìn àjò kan. Nọ́ńbà 339 tó wà nínú ojú ewé náà ṣì ń fẹ́ kí a wá inú wọn, ṣùgbọ́n inú mẹ́mórì ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án péré ni a ó fi nọ́ńbà wéra, kò sì tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù 17.

Ẹ wo `bisect_right` tó wà ní ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà tó ń ya ewé méjì sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ka jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ewé ọ̀tún. Bí ènìyàn bá fi `bisect_left` síbẹ̀, IMEI tó bá nọ́ńbà náà dọ́gba á gba ọ̀nà òsì, ètò á sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Àmì àìsàn yìí ṣòroó rí: nọ́ńbà kan nínú ewé kọ̀ọ̀kan ló ń sọnù, àfi ewé tó wà lápá òsì jù lọ, àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì ni nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fi ogún nọ́ńbà tó ṣà dánwò lè má kàn án. Nítorí náà mo fi gbogbo IMEI inú fáìlì dán an wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kíkọ́ ọ láti ìsàlẹ̀

N kò fi àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú igi tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo IMEI jáde pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà, mo tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, mo sì ń dà wọ́n sínú ewé, 230 nínú ààyè 255, kí àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù fún fóònù tó ń bọ̀. Mílíọ̀nù kan gba ewé 4,348. Ẹ̀ka tí mo fi ìtọ́ka 306 sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15, gbòǹgbò kan ló sì wà lórí wọn. Igi náà ga ní ìpele 3.

Ẹ̀ka 15 àti gbòǹgbò kan jẹ́ ojú ewé 16, àpapọ̀ báìtì 65,536. Èyí kéré débi pé mo kọ wọ́n pa pọ̀ sí iwájú fáìlì, ètò sì ń kó gbogbo wọn sínú mẹ́mórì ní ìrìn àjò kan nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wíwá IMEI kan jẹ́ ìrìn àjò kan sí ewé àti ìrìn àjò kan sí `tita.dat`. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 35, bó ti wù kí páálí tí fóònù náà ti wá gùn tó.

Gbogbo igi náà kò tó mẹ́gábáìtì 18, ẹnì kan sì lè béèrè pé èé ṣe tí a kò kó gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mórì bí ìlà kan tó tò léra. Fún wíwá nìkan, ìyẹn á ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí fóònù tuntun bá bọ́ sí àárín ìlà náà, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún lórí dísìkì. Nínú igi, ojú ewé kan ṣoṣo ni a sábà máa tún kọ.

Nígbà tí ewé bá kún

Ọ̀nà tí ìwé ẹ̀kọ́ fi kọ́ni ni pé kí a pín ewé tó kún sí ìdajì méjì, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ìdajì ọ̀tún gòkè lọ sínú ẹ̀ka. Bí ẹ̀ka náà bá kún, òun náà á pín, bẹ́ẹ̀ títí dé gbòǹgbò, tí gbòǹgbò tuntun á fi hù. Ìdí nìyí tí igi B kì í fi í gùn ní apá kan ju ìkejì lọ: òkè ló ń dàgbà sí, gbogbo ewé rẹ̀ sì wà ní ìpele kan náà.

Páálí fóònù ló jẹ́ kí n yí ìlànà yẹn padà díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń wọlé ní títẹ̀léra, tí a sì ń pín ewé sí ìdajì, ìdajì òsì kò ní rí nọ́ńbà tuntun mọ́ láéláé, nítorí pé gbogbo èyí tó ń bọ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ewé tó kún ní ìdajì á wá pọ̀ nínú fáìlì. Nítorí náà, bí nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì èyí tuntun bá jẹ́ èyí tí a kọ kẹ́yìn, mo ń gé ewé náà ní ibi tí èyí tuntun bọ́ sí gan-an: òun àti àwọn tó kéré sí i á dúró, ìyókù á kọjá sí ewé tuntun. Bí kò bá sí ẹni tó pọ̀ jù ú lọ níbẹ̀, òun nìkan ló ń lọ sí ewé tuntun. Àìdára rẹ̀ ni pé ewé tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kéré gan-an lè wà níbì kan, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí ọjà ń wọlé ní páálí-páálí, mo yan ìyẹn ju ìdajì òfìfo lọ.

Iná tó lọ láàárín pípín

Pípín kan ń kan ojú ewé mẹ́ta: ewé àtijọ́, ewé tuntun, àti ẹ̀ka tó wà lórí wọn. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí a ti dín ewé àtijọ́ kù, kí ewé tuntun tó dé orí dísìkì, IMEI bíi 127 á pòórá, kò sì sí ohun tó máa pariwo. Ètò á kàn sọ fún ọmọ káńtà pé fóònù náà kì í ṣe tiwọn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Mo lo fáìlì ààbò kan, `imei.jnl`. Kí a tó fọwọ́ kan ojú ewé kankan, a ó kọ ẹ̀dà rẹ̀ bó ti wà sínú fáìlì ààbò, a ó sì pe `os.fsync` kí a lè mọ̀ pé ó ti dé orí dísìkì ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ojú ewé tuntun sínú igi, a ó tún pe `os.fsync`, lẹ́yìn èyí ni a ó pa fáìlì ààbò rẹ́. Bí ètò bá bẹ̀rẹ̀ tó sì bá fáìlì ààbò nílẹ̀, ó mọ̀ pé iṣẹ́ kan kò parí, á sì dá àwọn ojú ewé àtijọ́ padà sí àyè wọn. SQLite ń ṣe bákan náà bí ènìyàn kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Nọ́ńbà àyẹ̀wò tó wà ní orí ojú ewé jẹ́ CRC32, tí a ń ṣírò láti inú ohun tó wà nínú ojú ewé náà. Bí ìdajì ojú ewé bá jẹ́ tuntun tí ìdajì sì jẹ́ ti àtijọ́, kò ní bára mu, ètò á sì kọ̀ láti lò ó.

Mo dán an wò lórí ẹ̀dà fáìlì náà, mo ń fa wáyà iná yọ nígbà tí IMEI ń wọlé. Ìgbà tí mo bá tàn án padà, IMEI tó kẹ́yìn lè má sí, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà ní pípé.

Wíwọ̀n rẹ̀

Ẹni tó bá wọn ìyára wíwá lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́mórì ló ń wọ̀n, kì í ṣe dísìkì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ohun tí ètò iṣẹ́ ti tọ́jú pamọ́, kó tó wá ka iye ìrìn àjò:

```
sync; echo 3 > /proc/sys/vm/drop_caches
strace -P imei.idx -e trace=pread64 python3 wa.py
```

Kí n tó fi ojú ewé 16 sínú mẹ́mórì, ìlà mẹ́ta ló ń jáde fún IMEI kọ̀ọ̀kan: gbòǹgbò, ẹ̀ka, ewé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan fún kíkó mẹ́rìndínlógún náà wọlé, ìlà kan fún ewé. Iye yìí ni mo gbára lé ju aago lọ, nítorí pé aago ń yí padà bí ẹ̀rọ bá ń ṣe nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n iye ìrìn àjò kì í yí.

Alàájì ní kí n fẹ ojú ewé sí i bó bá jẹ́ pé fífẹ̀ rẹ̀ ló mú un yára. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú wọn. Láti 2 sí 340, gíga bọ́ láti 20 sí 3. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ dé báìtì 65,536, ọ̀nà á di bíi 5,460, gíga á sì bọ́ láti 3 sí 2. Ṣùgbọ́n ìpele tí a máa yọ yẹn ti wà nínú mẹ́mórì tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìrìn àjò kankan kò ní dínkù, nígbà tí kíkọ fóònù kan ṣoṣo sílẹ̀ á wá máa tún báìtì 65,536 kọ dípò 4,096. Nínú àwọn ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ńlá, PostgreSQL ń lo ojú ewé báìtì 8,192, InnoDB inú MySQL ń lo 16,384. SQLite ti ń lo 4,096 láti ọdún 2016, 1,024 ló ń lò ṣáájú ìgbà náà. Kò sí èyí tó fẹ̀ ẹ́ láìní ààlà nínú wọn.

SSD, irú dísìkì tí kì í yí, náà wọ ọ̀rọ̀ wa. Kò ní orí tó ń sún, ìrìn àjò kan lórí rẹ̀ lè máà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlísẹ́kọ́ǹdù lọ, ó sì yẹ kí wọ́n ra ọ̀kan. Àmọ́ okùn gígùn inú igi àtijọ́ á ṣì máa gùn sí i bí páálí bá ń wọlé, SSD náà sì ń ka ojú ewé odindi ni, kì í ka báìtì 16.

Nígbà tí mo ń wo bí `tita.dat` ṣe wà lórí dísìkì pẹ̀lú `filefrag -v`, mo tún rí igi kan náà lábẹ́ rẹ̀. Fáìlì náà ti fọ́n sí ibi púpọ̀ lórí dísìkì, ext4, ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì, sì ní láti mọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà. Mẹ́rin péré ló lè kọ sínú orí fáìlì fúnra rẹ̀. Bí ègé bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń kọ wọ́n sínú ojú ewé igi. Orí ojú ewé náà jẹ́ báìtì 12, ègé kọ̀ọ̀kan gba báìtì 12, nítorí náà ojú ewé 4,096 kan ń gba ègé 340. Iye kan náà ni ẹ̀ka tèmi gbà, nítorí pé báìtì 8 àti 4 náà jẹ́ 12.

Èyí tó kù

Píparẹ́ ni n kò tíì ṣe tán. Igi B pípé máa ń da ewé méjì tó ti ṣófo jù pọ̀ mọ́ra. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, fóònù tí wọ́n dá padà nìkan ni wọ́n ń pa rẹ́, kò sì pọ̀, nítorí náà mo ń yọ IMEI kúrò nínú ewé, mo sì ń fi ewé sílẹ̀ bó ti wà. Ètò kékeré kan ń ka iye tó wà nínú ewé gbogbo nígbà tí wọ́n bá ń pa ṣọ́ọ̀bù dé. Bí àròpín rẹ̀ bá ti wá sílẹ̀ ju 150 lọ, á kọ́ igi tuntun láti ìsàlẹ̀ sínú `imei.new`, á dán gbogbo IMEI wò nínú rẹ̀, kó tó fi `os.replace` gbé e sí àyè ti àtijọ́.